Wọ́n fẹ́ fá irun mọ́mì mi, pásítọ̀ ní wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe opó rárá

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Dádì mi kú lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìkòròdú níbí la wà, ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìsìnkú. Àwọn ẹ̀gbọ́n dádì mi obìnrin ní mọ́mì máa fá irun, wọ́n máa jókòó sórí ẹní nínú yàrá fún ogójì ọjọ́ láìjáde, aṣọ dúdú kan náà ni wọ́n máa wọ̀. Mọ́mì ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fi ń jẹun. Pásítọ̀ wa wá ní tí wọ́n bá ṣe ẹyọ kan nínú ẹ̀, wọ́n á yọ wọ́n kúrò nínú ẹgbẹ́ ìyá. Mọ́mì kàn wà láàárín, wọ́n ń sunkún. Kí la lè ṣe tí ìjà ò fi ní bẹ́ sílẹ̀ kí ìsìnkú tó dé?"

Ọmọ mi, ẹ kú ará fẹ́ra kù, ẹ kú àmúmọ́ra. Ọlọ́run á tu mọ́mì nínú, á sì dáwọ́ ikú dúró nínú ilé yín.

Kó o tó lọ bá ẹ̀gbọ́n dádì kankan, kó o tó lọ bá pásítọ̀, jókòó ti mọ́mì nígbà tí àlejò bá ti lọ tán lálẹ́, kó o bi wọ́n pé kí làwọn fúnra wọn fẹ́ ṣe fún ọkọ wọn. Mo ti rí i tí àwọn ọmọ ń jà fún ohun tí ìyá wọn ò ní kí wọ́n bá òun jà fún. Ìyá kan á fẹ́ wọ dúdú, ọkàn ẹ̀ ló ń bá a sọ ọ́, tí wọ́n bá fagbára bọ́ ọ lára ẹ̀ torí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn náà ń dùn ún. Òmíì ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan orí òun, ó fẹ́ràn irun ẹ̀, ọkọ ẹ̀ náà fẹ́ràn ẹ̀. Ohun tí mọ́mì bá sọ ni kó o kọ sílẹ̀, ìyẹn lo máa gbé lọ síbi ìpàdé, kì í ṣe ohun tí ìwọ rò.

Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni pé ẹbí ń pe gbogbo ẹ̀ ní àṣà, ṣọ́ọ̀ṣì ń pe gbogbo ẹ̀ ní ìbọ̀rìṣà, ó wá dà bí ẹrù kan tí wọ́n dì pọ̀, ẹni tó bá gbé e ti gbé gbogbo ẹ̀, ẹni tó bá kọ̀ ọ́ ti kọ gbogbo ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi mẹ́rin márùn-ún ló wà nínú opó ṣíṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìdí tí àwọn àgbà fi dá a sílẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni pé wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá obìnrin yìí mọ nǹkan nípa ikú ọkọ ẹ̀, ibẹ̀ ni ìbúra àti mímu omi tí wọ́n fi wẹ òkú ti wá. Wọ́n tún fẹ́ mọ̀ bóyá oyún wà nínú ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣiyè méjì lórí ọmọ tó bá bí lẹ́yìn náà, ìyẹn wà lára ohun tó mú kí wọ́n máa fi obìnrin sínú ilé títí ọjọ́ kan á fi pé. Wọ́n fẹ́ kí ayé rí i pé wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ ẹni wọn, ibẹ̀ ni aṣọ dúdú àti irun wà. Wọ́n fẹ́ já okùn tó so òkú àti alààyè pọ̀, kí ọkọ má baà máa padà wá bá ìyàwó lójú àlá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mú opó lọ wẹ̀ lódò lọ́jọ́ tó bá bọ́ ọ̀fọ̀, tí wọ́n á sì ju aṣọ yẹn nù. Èyí tó gbẹ̀yìn ni ta ló máa tọ́jú obìnrin yìí àtàwọn ọmọ ẹ̀, èyí ló bí opó ṣíṣú.

Tó o bá ti mọ ohun tí kálukú wọn wà fún, wàá lè sọ fún ẹ̀gbọ́n dádì rẹ pé ẹ̀yin mà, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ká rí yìí, a máa rí i, ọ̀nà míì la fẹ́ gbà rí i. Ọ̀rọ̀ yẹn yàtọ̀ pátápátá sí "a ò ṣe é, ayé ti lajú." Tó o bá sọ fún obìnrin tó ṣe ogójì ọjọ́ tiẹ̀ lórí ẹní pé ayé ti lajú, ohun tó máa gbọ́ ni pé òmùgọ̀ lòun nígbà yẹn. Àwọn obìnrin náà ló sì ń mú opó ṣíṣe le nílé wa, àwọn ọmọ-osú àtàwọn ìyàwó àgbà. Àwọn ọkùnrin kàn máa ń jókòó síta ni, olórí ẹbí á ní "ọ̀rọ̀ obìnrin nìyẹn." Torí náà ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin lo máa kọ́kọ́ lọ.

Jẹ́ kí n wá sọ èyí tó ń ṣe ìpalára, torí kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń ṣe é. Ẹní kò pa ẹnikẹ́ni, bí orúnkún mọ́mì bá gbé e, àga kékeré tí ò ga tún wà tí wọ́n lè fi dípò. Aṣọ dúdú náà ò pa ẹnikẹ́ni, bó bá ṣáà ti ju ẹyọ kan lọ tí wọ́n sì ń fọ̀ ọ́. Aṣọ ẹyọ kan tí wọn ò gbọ́dọ̀ fọ̀ nínú ooru Èkó yìí, ara á máa yún wọn, ooru á sú sábẹ́ ọmú wọn, inú á tún máa bàjẹ́ sí i torí pé obìnrin tó ń gbóòórùn ara ẹ̀ á máa sá fún èèyàn. Ẹ ra mẹ́ta fún wọn, ó parí.

Abẹ ni mo fẹ́ kó o dúró lé lórí. Àwọn ìyá àgbà ní abẹ kan tí wọ́n ti fi fá orí opó míì rí, òmíì á kàn gba bíléèdì lọ́wọ́ ẹni tó bá jókòó sítòsí. Kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hẹpatáítìsì B lè wà láàyè lórí irin tàbí lára nǹkan gbígbẹ fún ọjọ́ méje ó kéré tán, ẹ̀jẹ̀ tí ojú ò lè rí ti tó o, omi tí wọ́n kàn fi ṣan abẹ ò sì ní pa á. Éèdì náà wà níbẹ̀. Orí àgbàlagbà kì í ṣe pẹrẹsẹ, tí wọ́n bá ń fi abẹ gbígbẹ fá a pẹ̀lú ìkánjú láàárọ̀ kùtùkùtù, kò sí bí wọn ò ṣe ní gé e díẹ̀. Kí mọ́mì tiẹ̀ gbà láti gé irun, ti abẹ ò sí níbẹ̀.

Omi tí wọ́n fi wẹ òkú, mi ò gbọ́ pé wọ́n dárúkọ ẹ̀ lọ́dọ̀ yín, kò sì wọ́pọ̀ mọ́ nílùú yìí, àmọ́ tí ẹnikẹ́ni bá mẹ́nu bà á, rárá ni ìdáhùn, kò sí ìdúnàádúrà lórí ẹ̀. Òkú tó ti wà ní mọ́ṣúárì, fọ́málìn ni wọ́n ti fi tọ́jú ẹ̀, májèlé ni. Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé ká fi ọwọ́ tọ́ ọ wò lásán.

Ogójì ọjọ́ inú yàrá ni mo ka sí èyí tó burú jù fún mọ́mì rẹ, àwọn èèyàn ò sì máa ń kà á sí torí pé kò dun ni lójú bí orí fífá. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru tí ọkọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, oorun ò sí, ó ń sunkún, wọ́n ń fi oúnjẹ oníyọ̀ púpọ̀ bọ́ ọ torí ẹni tó ń sè fún àwọn àlejò ni ń sè fún un, kò rìn, kò rí oòrùn, oògùn ẹ̀ wà nínú yàrá tí wọ́n ti tì pa tàbí ó ti tán tí kò sẹ́ni tó rántí. Ibẹ̀ ni rọpárọsẹ̀ ti ń wọlé. Bí ìyá bá ń sọ pé orí ń fọ́ òun gan-an, pé ojú òun ń ṣú, tí ẹnu ẹ̀ bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí ọwọ́ kan kọ̀ tí kò gbé sókè, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, opó tàbí kì í ṣe opó. Ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń so mọ́ apá, kó o máa wọ̀n ọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́, kó o kọ ọ́ sínú ìwé. Tí nọ́ńbà òkè bá lọ sí 180 tàbí ti ìsàlẹ̀ bá dé 120, má dúró de ìpàdé ẹbí.

Ohun míì tún wà nínú inú-yàrá yẹn tí ẹ ò gbọ́dọ̀ gbójú fò. Nígbà tí opó wà nínú yàrá ni kọ́kọ́rọ́ ń rìn. Obìnrin kan tí mo bá dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀, inú yàrá ẹ̀yìn ló wà tó ń gbọ́ ohùn dúrọ́ọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù lára ògiri kejì, ó mọ ohùn yẹn dáadáa torí dúrọ́ọ̀ tó wà nísàlẹ̀ máa ń há, èèyàn gbọ́dọ̀ gbé e sókè díẹ̀ kó tó ṣí. Kò lè dìde torí wọ́n ní opó ò gbọ́dọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà. Ìwé ilẹ̀, rìsíìtì, káàdì báǹkì ọkọ ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló gba ibẹ̀ jáde. Torí náà kí ìsìnkú tó dé, àwọn ìwé dádì yín, fóònù wọn, káàdì, ìwé ilé, ẹ ya fọ́tò gbogbo ẹ̀, ẹ kó ojúlówó fún ẹnì kan tí kò gbé nínú ilé yẹn tí mọ́mì fọkàn tán. Kì í ṣe pé mo ń fẹ̀sùn kan ẹbí yín o. Ilé tó dáa gan-an náà, èrò á wọlé lọ́jọ́ òkú, ẹ ò lè mọ ẹni tó wọ yàrá wo.

Jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe yanjú ti ìdílé kan ní Ìgbógbo, torí ó jọ tiyín. Rọpárọsẹ̀ ló pa bàbá, ìyá ń ta ẹja gbígbẹ lọ́jà Sábó, ó ń gba ọjà àwìn, ó sì ń dá àjọ ojoojúmọ́. Ogójì ọjọ́ láìjáde túmọ̀ sí pé owó ọlọ́jà ò ní jáde, àjọ á dá, àwọn oníbàárà á lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Àwọn ọmọ-osú ilé náà mẹ́ta ló dúró lórí ẹ̀ pé orí gbọ́dọ̀ fá. Ṣọ́ọ̀ṣì ìyá náà sọ ohun tó fẹ́ jọ ti pásítọ̀ yín.

Ìpàdé méjì ni wọ́n ṣe, mo sì fẹ́ kó o fi èyí sọ́kàn torí ìpàdé kan ò tó. Ìpàdé kìíní, àwọn obìnrin nìkan: ọmọ-osú tó dàgbà jù, ìyàwó àgbà kan, ẹ̀gbọ́n opó fúnra ẹ̀ obìnrin, àti alága ẹgbẹ́ ìyá láti ṣọ́ọ̀ṣì. Opó ò sí níbẹ̀. Kò yẹ kó wà níbẹ̀, torí tó bá wà níbẹ̀ wọ́n á máa wo ojú ẹ̀ bóyá ó sunkún tó. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló gbẹnu sọ fún un. Ìyàwó àgbà yẹn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní kó sọ bó ṣe rí fún òun nígbà tiẹ̀. Obìnrin náà sọ pé òun ò rójú sunkún ọkọ òun, pé ẹ̀rù ló ń ba òun ní gbogbo ogójì ọjọ́ yẹn, pé ọmọ òun tó wà lẹ́yìn ò sàn tí wọn ò jẹ́ kóun gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà àfi ìgbà tí ọjọ́ keje kọjá. Kò sẹ́ni tó ti bi í rí. Lẹ́yìn ìyẹn ohùn ilé yẹn rọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-osú wá sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ gan-an, pé àbúrò òun kú lójijì, wọn ò sì sọ fún òun nǹkan tó pa á. Ìyẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ orí fífá yẹn rọ̀ mọ́. Ìwé dókítà tó sọ ohun tó pa bàbá ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ látọjọ́ kìíní, wọn ò fi han ẹnì kankan torí wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ìjọba ni. Wọ́n ṣe fọ́tòkọ́pì ẹ̀, nọ́ọ̀sì kan nínú ìdílé náà kà á ní Yorùbá sí wọn létí. O ò sọ fún mi ohun tó pa dádì, ọmọ mi. Tí ọsibítù ni wọ́n kú sí, lọ gba ìwé yẹn lọ́la, ìwé yẹn náà lẹ máa gbé lọ sí ọ́fíìsì àjọ ètò ìkànìyàn fún satífíkéètì ikú, tí báǹkì àti kóòtù máa bèèrè. Tó bá jẹ́ ilé ni wọ́n kú sí tí ẹnikẹ́ni sì ń fẹnu bà á pé nǹkan ṣe é, ẹ béèrè àyẹ̀wò òkú báyìí, kí wọ́n tó sin ín. Ó máa ń dáa jù kí mọ́ṣúárì tó fi oògùn sí òkú lára, àmọ́ lẹ́yìn ìyẹn náà dókítà ṣì lè rí nǹkan púpọ̀.

Ìpàdé kejì ni ti olórí ẹbí, àlùfáà, ẹ̀gbọ́n opó ọkùnrin, àtàwọn obìnrin ti àkọ́kọ́ yẹn. Kò pẹ́ torí àwọn obìnrin ti parí ẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé nìyí: ọjọ́ méje ni ìyá máa jókòó nílé, lórí àga, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló máa wà pẹ̀lú ẹ̀ lálẹ́, yàrá ò ní tì, ó lè jáde síta ilé, ó lè lọ ọsibítù nígbàkígbà láìgbàṣẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ méje ó lè lọ ọjà, aṣọ dúdú tàbí búlúù tó ṣú, gèlè tó jọ ọ́, kò ní lọ òde ìnáwó títí ogójì ọjọ́ á fi pé. Ọjọ́ ogójì, ẹbí àti ṣọ́ọ̀ṣì á jọ ṣe àdúrà láàárọ̀, wọ́n á bọ́ dúdú lọ́jọ́ yẹn kan náà dípò ọdún kan. Dípò odò, ó wẹ̀ nílé, ìyàwó àgbà ló da omi fún un, wọ́n fi aṣọ funfun wọ̀ ọ́. Aṣọ dúdú yẹn, wọn ò sun ún, wọ́n fọ̀ ọ́ wọ́n sì kó o fún ẹni tó máa lò ó.

Ti irun gba àkókò. Ìyá ò fẹ́ kí wọ́n fá a, ọmọ-osú àgbà sì ní ojú òun ò ní gbà á kí nǹkan kan má kúrò níbẹ̀ rárá fún àbúrò òun. Wọ́n wá gbà pé ẹ̀gbọ́n opó á tú irun tó dì, kò ní di irun tuntun títí ogójì ọjọ́, á sì fi síṣọ́ọ̀sì tuntun tí wọ́n ra ní ọjà gé díẹ̀ péré ní ìpẹ̀kun. Díẹ̀ yẹn ni ọmọ-osú àgbà gbà, ó dì í sínú áńkáṣífù. Mi ò mọ ibi tó fi sí, kò sì kàn mí. Àlùfáà béèrè pé ṣé wọ́n fẹ́ fi bọ nǹkan ni, ìyá àgbà ní rárá o, ìrántí ni, àlùfáà ní kò burú.

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀sáásáìsì, ojú ewé kan péré, olórí ẹbí, àlùfáà àti ẹ̀gbọ́n opó fọwọ́ sí i, kálukú ya fọ́tò ẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ nǹkan kan ṣì fẹ́ bà á jẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-osú ń gbé Ìbàdàn, kò sí nípàdé, ó dé lọ́jọ́ kejì ìsìnkú ní kùtùkùtù pẹ̀lú bíléèdì nínú báàgì, ó ní kò sẹ́ni tó sọ fóun. Fọ́tò yẹn ló gbà á, ọmọ-osú àgbà fúnra ẹ̀ ló fi hàn án. Nítorí náà kọ orúkọ gbogbo ẹni tó lè dé lójijì tó sì lẹ́nu nínú ẹbí, àwọn tí ò bá lè wá sípàdé, ẹ pè wọ́n lórí fóònù níbẹ̀, ẹ gbé e sí sípíkà kí gbogbo èèyàn gbọ́ pé wọ́n gbà.

Ti pásítọ̀ yín. Lọ bá a pẹ̀lú àgbà kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kó má jẹ́ ìwọ nìkan, kẹ́ ẹ sì bi í ní ìbéèrè kan: èwo gan-an nínú wọn ló lòdì sí ìgbàgbọ́? Jẹ́ kó dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Púpọ̀ nínú àwọn àlùfáà á sọ pé ẹbọ, ìbúra lórí òkú, ètùtù létí odò. Ó dáa, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí mọ́mì fẹ́ ṣe. Aṣọ ọ̀fọ̀ ńkọ́? Jókòó sílé ọjọ́ méje ńkọ́? Àwọn èèyàn inú Bíbélì wọ aṣọ ọ̀fọ̀, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ ṣọ̀fọ̀. Lẹ́tà Jákọ́bù orí 1 ẹsẹ 27 sọ pé kí a máa bójú tó àwọn opó nínú ìpọ́njú wọn, èmi ò rí bí lílé opó kúrò nínú ẹgbẹ́ nínú oṣù tí ọkọ ẹ̀ kú ṣe wọ ibẹ̀. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ èyí pẹ̀lú ìbànújẹ́, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní opó ṣíṣe tiwọn tí wọn ò pè é bẹ́ẹ̀: opó ò gbọ́dọ̀ kọrin nínú kúáyà títí ọdún kan, ó gbọ́dọ̀ jókòó sẹ́yìn, ó gbọ́dọ̀ wọ funfun tàbí dúdú títí alàgbà á fi ní ó tó. Tí tiyín bá ní irú ẹ̀, ẹ gbé ìyẹn náà sórí tábìlì. Ohun tẹ́ ẹ máa bẹ̀ pásítọ̀ fún ni kó rán alága ẹgbẹ́ ìyá wá sípàdé àwọn obìnrin, kó sì jẹ́ kí ẹgbẹ́ ìyá ṣètò ẹni méjì méjì tí á máa wá bá mọ́mì jókòó, torí ohun tí àwọn ọmọ-osú ń sọ pé opó ò gbọ́dọ̀ dá wà, òótọ́ ni, ó kàn jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí tẹ́ ẹ ń kà á, Ẹ̀pẹ́ ni ọ̀pọ̀ yín ti ń kọ̀wé sí mi, tiyín yàtọ̀: oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá wà nínú Kùránì, orí 2 ẹsẹ 234, aláboyún sì ń dúró títí á fi bímọ. Àmọ́ orí fífá ò sí nínú ẹ̀, àìwẹ̀ ò sí nínú ẹ̀, lílọ ọsibítù ò sì léèwọ̀. Orí 4 ẹsẹ 19 sọ pé kò tọ́ kí ẹ jogún obìnrin pẹ̀lú ipá, torí náà ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀sìn ti opó ṣíṣú lẹ́yìn, ẹ kà á sí i létí.

Ẹ̀yin ò tíì sọ̀rọ̀ opó ṣíṣú, ó lè jẹ́ pé kò ní wáyé. Tó bá wáyé, nílẹ̀ Yorùbá obìnrin lè kọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ní kò lè kọ̀ kò mọ àṣà tó ń gbè lẹ́yìn. Ohun tó wà nídìí ẹ̀ ni ìtọ́jú. Ẹ ní kí ẹbí yan ẹnì kan, ọkùnrin tàbí obìnrin, tó máa bójú tó owó ilé ìwé àwọn àbúrò rẹ tó kù, kí wọ́n kọ iye tí kálukú máa dá sínú ìwé kan náà yẹn. Àwọn tó ń pariwo opó ṣíṣú jù kì í sábà sí níbẹ̀ tó bá di ọ̀rọ̀ owó.

Ọ̀rọ̀ òfin, mo fẹ́ kó o mọ̀ ọ́n àmọ́ kó má jẹ́ ohun tó o máa kọ́kọ́ sọ jáde lẹ́nu. Àwọn èèyàn máa ń gbé òfin VAPP ti 2015, tó ń gbógun ti ìwà ipá sí èèyàn, sókè, òfin yẹn sì le lóòótọ́, abala 15 ní ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún méjì lọ tàbí owó ìtanràn tí kò ju ₦500,000 lọ wà fún ẹni tó bá fi àṣà burúkú jẹ opó níyà, ṣùgbọ́n Àbújá ni ìjọba àpapọ̀ ṣe é fún. Èkó ní tiẹ̀, òfin lórí ìwà ipá inú ilé, ti 2007. Abala 34 nínú ìwé òfin Nàìjíríà náà sì ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ hùwà àbùkù sí ọmọ ènìyàn. Tí ìpàdé bá forí ṣánpọ́n, ilé ìlàjà ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ń pè ní CMC máa ń pe ẹbí méjèèjì jókòó lọ́fẹ̀ẹ́, ìwé ìpè wọn nìkan máa ń mú kí ọ̀pọ̀ ẹbí rọ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá di mọ́mì mú láti fá orí wọn tàbí tì wọ́n mọ́lé, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìlàjà, DSVA, àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí ìwà ipá inú ilé, lẹ máa pè, 08000333333, owó ò sí nínú ẹ̀.

Tí dádì yín bá jẹ́ ọmọ Òṣùgbó tàbí ẹgbẹ́ ìlú kan, wọ́n lè ní ètùtù tiwọn. Òkú ló kàn, kò kan opó. Olórí ẹbí ló máa bá wọn sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe máa ṣe é àti ìgbà tí obìnrin ò gbọ́dọ̀ sí níta, ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n sọ aago fún yín ṣáájú kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì wà lójú ọ̀nà, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn wé ọ̀rọ̀ irun mọ́mì.

Ọjọ́ ò pọ̀ mọ́. Lónìí, bá mọ́mì sọ̀rọ̀. Lọ́la, ìwé dókítà àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó máa tó oṣù kan. Lẹ́yìn náà kó o lọ bá ẹ̀gbọ́n dádì tó dàgbà jù nílé ẹ̀, ìwọ àti ẹ̀gbọ́n mọ́mì obìnrin, kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irun. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé dókítà, fún wọn ní fọ́tòkọ́pì tiwọn, kó o sì dúró kí wọ́n bi ọ́ ní ìbéèrè tí wọ́n bá ní. Ìpàdé àwọn obìnrin kó wáyé ní Sátidé, ti olórí ẹbí àti pásítọ̀ ní Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn, kí ìwé yẹn sì ti wà lórí fóònù gbogbo wọn kó tó di ọjọ́ Ajé. Tí ẹ̀gbọ́n dádì bá kọ̀ láti wá sípàdé, kọ̀wé sí mi kíákíá, kó o sọ fún mi ọ̀rọ̀ tó sọ gẹ́lẹ́, torí nínú ọ̀rọ̀ tó bá fi kọ̀ ni a ti máa mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù.